Àdìrẹ ọwọ́ àti aṣọ ilé iṣẹ́: ọ̀nà mẹ́ta tí orúkọ aṣọ kékeré lè gbà dàgbà

Ìfiwéra yìí wà fún ẹni tó ń fi àdìrẹ ran ṣẹ́ẹ̀tì, bùbá àti káfútáànì tà lórí Ínsítágíráàmù àti Wọ́sáàpù, tí ọjà rẹ̀ ti yá débi pé aláró kan àti télọ̀ méjì kò tó o mọ́. Ká ní aṣọ 40 lẹ ń tà lóṣù. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Lẹ́kí wá ní òun fẹ́ 200 lẹ́ẹ̀kan náà. Owó náà wuni, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn oníbàárà fi mọ̀ yín ni pé ọwọ́ ló ṣe aṣọ yín, ọwọ́ tó wà nílẹ̀ kò sì lè ṣe 200 lóṣù kan.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo rí tí àwọn aránṣọ tà máa ń gbà. Àwọn kan á wá ọwọ́ kún ọwọ́: orúkọ kan náà, aṣọ kan náà, aláró tó pọ̀ sí i. Àwọn kan á fi orúkọ kan náà ta oríṣi méjì, èyí tí ọwọ́ ṣe àti èyí tí ilé iṣẹ́ ìránṣọ rán. Àwọn yòókù á dá orúkọ tuntun sílẹ̀ fún ti ilé iṣẹ́, kí ó má bàa kan ti àkọ́kọ́. Kí a tó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò.

## Níbo ni ọwọ́ wà nínú aṣọ yín?

Ṣẹ́ẹ̀tì àdìrẹ kan ń la iṣẹ́ mẹ́rin kọjá: híhun aṣọ funfun, yíya àwòrán àti rírẹ ẹ́ sínú aró, gígé, rírán. Aṣọ funfun tí wọ́n ń tà ní Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta, ilé iṣẹ́ ló hun ún. Rírán náà, ẹ̀rọ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé télọ̀ ló jókòó tì í. Ibi tí ọwọ́ wà gan-an ni àárín: ẹni tó fi láfún àti álọ́ọ̀mù ro ẹ̀kọ, tó fi ìyẹ́ adìyẹ tàbí pátákó kékeré ya á sí aṣọ fún àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tàbí ẹni tó fi ìko so ó fún àdìrẹ oníko, àti aláró tó ń rì í. Fún àwọn ilé mìíràn, ọwọ́ tún wà nínú gígé, nítorí pé ara oníbàárà ni wọ́n ń wọ̀n kí wọ́n tó gé aṣọ.

Èwo nínú ìwọ̀nyí ni àwọn ènìyàn ń san owó lé lórí? Ẹ ka àwọn ìbéèrè tó wà nínú Wọ́sáàpù yín láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ pé "ṣé ẹ tún ní irú àwòrán yẹn?" àti "ṣé aró èlú ni?" ló pọ̀ jù, aró ni ọjà yín. Bí ó bá jẹ́ "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dín apá kù" àti "ẹ rán an bíi ti ìjẹta", gígé àti rírán ni ọjà yín, àdìrẹ kàn ń bá a rìn ni.

Gbogbo ìpinnu tó kù dúró lórí ìdáhùn yìí. Iṣẹ́ tí ẹ ṣe ìlérí rẹ̀ fún oníbàárà kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀rọ lábẹ́ orúkọ kan náà láìsọ. Àwọn tó kù lè lọ. Ohun tó mú kí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ síra ni ibi tí kálukú fi iṣẹ́ tí a ṣe ìlérí rẹ̀ sí.

| | Ọwọ́ kún ọwọ́ | Orúkọ kan, oríṣi méjì | Orúkọ méjì |
|---|---|---|---|
| Ohun tó ń pọ̀ sí i | Aláró àti télọ̀ | Aṣọ tí ilé iṣẹ́ rán | Ilé tuntun pátápátá |
| Ibi tí wàhálà ti ń wá | Àwọ̀ tí kò dọ́gba, òjò | Kí oríṣi méjì má dàpọ̀ lójú oníbàárà | Owó àti àkókò |
| Títà fún ṣọ́ọ̀bù | Èrè fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí | Ó ṣeé ṣe | Ó ṣeé ṣe |
| Owó tó há sínú ọjà | Díẹ̀ | Púpọ̀ | Púpọ̀ jù |
| Ẹni tó bá mu | Aró ni ọjà rẹ̀, owó aṣọ rẹ̀ ga | Gígé rẹ̀ ni wọ́n mọ̀ | Ẹni tí ọjà kejì rẹ̀ kò jọ ti àkọ́kọ́ rárá |

## Ọ̀nà kìíní: ọwọ́ kún ọwọ́

Ọ̀nà yìí ló wu ènìyàn jù, nítorí pé kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Maki Oh, tí Amaka Osakwe dá sílẹ̀ ní 2010, fi hàn pé àdìrẹ tí ọwọ́ ṣe lè dé ibi gíga: ní 2013, Michelle Obama wọ ẹ̀wù rẹ̀ nígbà tó lọ sí Gúúsù Áfíríkà. Ṣùgbọ́n aṣọ olówó gọbọi ni ilé yẹn ń tà, kì í ṣe ọ̀pọ̀ yanturu. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí ní láti gbà pé owó aṣọ ló máa gòkè ju iye aṣọ lọ.

Àwọ̀ ni ìṣòro àkọ́kọ́. Aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ìkòkò aró èlú kì í tíì dúdú; afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù, ìgbà kọ̀ọ̀kan tí a bá tún un rì ló ń mú un ki sí i. Bí aṣọ ti ń kọjá nínú ìkòkò náà ni agbára aró ń dín kù, nítorí náà aṣọ kìíní àti aṣọ kẹwàá kì í dọ́gba. Àwọn aláró tó ń lo aró oníyẹ̀fun pẹ̀lú kọ́sítíìkì àti háídírọ́ọ̀sì kò bọ́ lọ́wọ́ èyí, agbára tiwọn náà ń lọ sílẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ bá wà lọ́dọ̀ aláró kan, ó mọ̀ bó ṣe ń ṣe é. Nígbà tí ẹ bá pín in sí agboolé mẹ́ta, ẹ ó rí búlúù mẹ́ta gbà. Ẹni tó ra aṣọ kan ṣoṣo lọ́wọ́ yín yóò sọ pé ẹwà rẹ̀ nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù tó fi àwòrán aṣọ kan ṣoṣo sórí ìkànnì rẹ̀, tó sì ra 200, kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Yóò dá a padà.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí ẹ má ṣe ṣèlérí àwọ̀ kan. Ẹ pín in sí mẹ́ta, fẹ́ẹ́rẹ́, àárín àti dúdú, kí ẹ fi iye ìgbà tí aṣọ wọ aró dá wọn mọ̀. Ẹ gé àkísà kékeré látara èyí tó wù yín nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ fún aláró kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀kan pamọ́ sínú àpòòwé tí oòrùn kò dé. Ọ̀sán gangan, lẹ́yìn tí aṣọ bá ti gbẹ, ni kí ẹ fi wọ́n wéra. Aṣọ tútù máa ń dúdú ju bó ti rí lọ, iná gílóòbù sì ń yí búlúù padà. Ọ̀pọ̀ ìjà àárín aláró àti ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un ló bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Òjò ni ìṣòro kejì. Ẹ̀kọ gbọ́dọ̀ gbẹ kankan lára aṣọ kó tó wọ aró, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, aró yóò yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀, ilà yóò sì ṣòfò. Láti Òkúdu títí dé Ọ̀wẹ́wẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ méjì lè di ti ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí ní láti rẹ ọ̀pọ̀ aṣọ rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó ká wọn jọ ní yáàdì, kí ó má tíì gé wọn. Owó yóò há síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó lè sọ ọjọ́ tí ẹ ó kó ọjà fún oníbàárà, ẹ ó sì mú un ṣẹ.

Ti sáìsì ṣòro bákan náà, àmọ́ ẹnì kan ti yanjú rẹ̀. Dye Lab ní Èkó gbé iṣẹ́ rẹ̀ ka agbádá àti irú ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ tí sáìsì kan lè bá ọ̀pọ̀ ara mu. Bí ẹ kò bá ní sáìsì márùn-ún láti ṣe, aṣọ díẹ̀ ló máa wà nílẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì ṣeé tà fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá yan ọ̀nà kìíní, ẹ ṣe bíi tiwọn kí ẹ pa ṣẹ́ẹ̀tì tó fún mọ́ra tì.

## Ìṣirò tó ń ba àlá jẹ́

Owó ọjà ń yí padà lójoojúmọ́, nítorí náà iye àpèjúwe ni mo fẹ́ lò. Ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀.

Ká ní ṣẹ́ẹ̀tì àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan gba aṣọ funfun ₦5,000, ẹ̀kọ àti aró ₦4,500, gígé àti rírán ₦5,000, bọ́tìnnì, lébẹ́ẹ̀lì àti àpò ìdì ₦1,500, tí ẹ sì yọ ₦1,000 sọ́tọ̀ fún èyí tó bàjẹ́. Ó di ₦17,000. Ẹ ń tà á ₦35,000, èrè ₦18,000. Aṣọ 40 lóṣù fún yín ní ₦720,000, kí ẹ tó yọ owó ìpolówó, owó ọkọ̀ àti owó iṣẹ́ ara yín.

Ṣọ́ọ̀bù ní Lẹ́kí kò ní rà á ní ₦35,000. Ìlàjì iye tí wọ́n ó tà á ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù máa ń fẹ́ fún yín, ìyẹn ₦17,500. Èrè yín lórí ṣẹ́ẹ̀tì kan di ₦500. Igba ṣẹ́ẹ̀tì yóò mú ₦100,000 wá, yóò sì gba gbogbo ọwọ́ tí ẹ ní fún oṣù márùn-ún. Láàárín oṣù márùn-ún yẹn, ẹ kò ní rí nǹkan kan tà fún àwọn tó ń rà á ní ₦35,000. Mo ti rí ẹni tó gba irú iṣẹ́ yìí tìdùnnú-tìdùnnú, tó ya fọ́tò rẹ̀ sí Ínsítágíráàmù, tó sì ń yá owó san télọ̀ kí oṣù kejì tó parí.

Ṣẹ́ẹ̀tì tí ilé iṣẹ́ rán lè gba aṣọ aláwọ̀ kan ₦4,000, rírán ₦2,500, àwọn ohun kéékèèké ₦1,000, ìbàjẹ́ ₦500. Gbogbo rẹ̀ ₦8,000. Bí ẹ bá ń tà á ₦20,000 fúnra yín, ṣọ́ọ̀bù á rà á ní ₦10,000, èrè ₦2,000. Igba yóò mú ₦400,000 wá láì fọwọ́ kan aláró yín. Ṣùgbọ́n ₦1,600,000 gbọ́dọ̀ ti jáde lápò kí kọ́bọ̀ kan tó wọlé.

Ohun tí ìṣirò yìí fi hàn ni pé aṣọ ọwọ́ kò ní owó alágbàtà nínú. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó ní in, ẹ gbọ́dọ̀ gbé iye rẹ̀ ga sí bíi ₦50,000, kí ẹ sì wò ó bóyá àwọn 40 tó ń rà á lóṣù á ṣì máa rà á. Bí wọ́n bá lè rà á, ọ̀nà kìíní ṣí sílẹ̀ fún yín. Bí wọn kò bá lè rà á, ẹ máa ta ti ọwọ́ fúnra yín nìkan, kí ẹ wá nǹkan mìíràn fún ṣọ́ọ̀bù.

## Ọ̀nà kejì: orúkọ kan, oríṣi méjì

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ orúkọ kékeré máa ń já sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti máa ń ba orúkọ jẹ́. Lisa Folawiyo, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Jewel by Lisa ní 2005, tó ń fi ọwọ́ to ìlẹ̀kẹ̀ sára áńkárá, ní J Label tó rọjú ju aṣọ olówó ńlá rẹ̀ lọ. Ohun tó yẹ ká kíyè sí níbẹ̀ ni pé kì í ṣe áńkárá onílẹ̀kẹ̀ kan náà ni wọ́n dín owó rẹ̀ kù. Oríṣi kejì ní orúkọ tó yàtọ̀ díẹ̀ lára ti ìyá rẹ̀.

Kí ni kí oríṣi kejì yín jẹ́? Èrò tó kọ́kọ́ máa ń wá síni lọ́kàn ni pé kí wọ́n ya fọ́tò àdìrẹ tó dára jù, kí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ sórí aṣọ ní ẹgbẹ̀rún yáàdì. Èmi lòdì sí i pátápátá. Lójú fóònù, oníbàárà kò lè mọ ìyàtọ̀, àwòrán méjèèjì dọ́gba. Láàárín oṣù kan, ẹni tó ra ti ₦35,000 yóò rí ẹni tó wọ ti ₦20,000 ní ibi ayẹyẹ, yóò sì rò pé ẹ rẹ́ òun jẹ. Ẹ tún rántí pé ọjà Ìtòkú fúnra rẹ̀ ti kún fún àdìrẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀ tí wọ́n kó wọlé láti Ṣáínà. Bí ẹ bá tẹ tiyín, inú ìdíje owó pọ́ọ́kú pẹ̀lú wọn lẹ wọ̀ yẹn, ẹ kò sì ní borí.

Àwòrán náà kì í ṣe tiyín kí ẹ lè dá a dúró. Ìbàdàndùn, pẹ̀lú òpó gbọ̀ngàn Màpó tó wà nínú rẹ̀, ti gbogbo ilé aláró ni. Ọlọ́kun àti Sunbẹ̀bẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́ lọ́la. Ọwọ́ tó yà á nìkan ni wọn kò lè jí lọ́dọ̀ yín.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ti ilé iṣẹ́ jẹ́ aṣọ aláwọ̀ kan tí kò ní àwòrán, nínú búlúù tó bá ti aró yín mu, pẹ̀lú gígé tí wọ́n fi mọ̀ yín. Ẹ fi àdìrẹ ọwọ́ ṣe àpò àyà rẹ̀. Ẹ wo bó ṣe rọrùn tó: àpò ṣẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ínǹṣì 6 ní ìbú, 7 ní gígùn, pẹ̀lú ibi ìsẹ́tí, yóò jáde ní nǹkan bí 35 látinú yáàdì kan aṣọ tó fẹ̀ ní ínǹṣì 45. Igba ṣẹ́ẹ̀tì kò gbà ju yáàdì 6 lọ lọ́wọ́ aláró. Ọwọ́ wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ẹ sì lè sọ ibi tó wà ní gbangba: "Àpò yìí, àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, ilé iṣẹ́ ìránṣọ ló rán ṣẹ́ẹ̀tì." Ṣùgbọ́n ẹ fọ aṣọ àpò náà títí omi rẹ̀ fi mọ́ kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà. Ẹ fi áńkáṣíìfù funfun tútù ra á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí búlúù bá hàn lára rẹ̀ dáadáa, kò tíì ṣe tán.

Kí oríṣi méjì má bàa dàpọ̀, lébẹ́ẹ̀lì wọn gbọ́dọ̀ yàtọ̀ débi pé ẹni tó jìnnà á rí i: ti ọwọ́ lè jẹ́ funfun, kí ẹ kọ nọ́ńbà aṣọ àti orúkọ ìlú tí wọ́n ti rẹ ẹ́ sí i; ti ilé iṣẹ́ lè jẹ́ búlúù, láìsí nọ́ńbà. Ẹ má ya wọ́n ní fọ́tò kan náà. Ẹ má ṣe ẹ̀dínwó lórí ti ọwọ́ láé, kódà ní Kérésìmesì. Bí ẹ bá máa dín owó kù, ti ilé iṣẹ́ ni kí ẹ dín. Àlàfo owó àárín méjèèjì náà ń ṣiṣẹ́. Bí ti ilé iṣẹ́ bá gòkè dé ₦30,000, oníbàárà á ní kí ló dé tí òun kò fi ₦5,000 kún un ra ti ọwọ́, ẹ ó sì tún padà sídìí ìṣòro aláró tó kéré. Bí ó bá lọ sílẹ̀ dé ₦9,000, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bi yín pé kí ló wà nínú ti ₦35,000.

Ilé iṣẹ́ ìránṣọ ní òfin tirẹ̀ tí télọ̀ àdúgbò kò ní. Nígbà tí wọ́n bá sọ iye tó kéré jù tí wọ́n lè gbà, ẹ béèrè bóyá fún gbogbo iṣẹ́ ni, tàbí fún àwòṣe kan ní àwọ̀ kan. Ìyàtọ̀ rẹ̀ pọ̀. Igba ṣẹ́ẹ̀tì dà bí ọjà ńlá, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pín in sí àwòṣe 2, àwọ̀ 2 àti sáìsì 5, ọ̀nà 20 ni, ìkọ̀ọ̀kan kò ju aṣọ 10 lọ. Sáìsì àárín máa tán lọ́sẹ̀ kejì, èyí tó kéré jù àti èyí tó tóbi jù á sì wà nílẹ̀ títí ọdún á fi yí po. Fún ìgbà àkọ́kọ́, àwòṣe kan, àwọ̀ méjì, sáìsì mẹ́rin ni mo máa ń gba ènìyàn nímọ̀ràn rẹ̀, kí sáìsì méjì tó wà láàárín sì gba ju ìlàjì lọ.

Ilé iṣẹ́ kò tún ní fi ojú díwọ̀n. Télọ̀ yín mọ ohun tí "gé e bíi ti àná" túmọ̀ sí. Ilé iṣẹ́ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Pátáànì orí ìwé fún sáìsì kọ̀ọ̀kan, ìwé tó ní ìwọ̀n ibi kọ̀ọ̀kan ní ínǹṣì, àti sáńpù kan tí ẹ ti fọwọ́ sí, ni wọ́n fẹ́. Aṣọ tí aró ti rẹ ti wọ omi lọ́pọ̀ ìgbà, ó ti sunkì tán kí ẹ tó gé e. Aṣọ aláwọ̀ kan tó jáde látinú ìdì kò tíì fojú kan omi. Bí ẹ bá fi pátáànì àdìrẹ gé e, yóò bá ara mu lọ́jọ́ àkọ́kọ́, yóò sì kúrú lẹ́yìn ìfọ̀ kejì. Ẹ gé yáàdì kan, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, ẹ tún un wọ̀n, kí ẹ tó fún wọn ní pátáànì. Nígbà tí aṣọ márùn-ún àkọ́kọ́ bá jáde, ẹ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú téèpù kí wọ́n tó rán ìyókù.

Bí ọ̀nà yìí bá ń bàjẹ́, ẹ ó mọ̀. Àwọn oníbàárà á máa béèrè pé "èyí tí ẹ fi sórí yìí, ṣé ti ọwọ́ ni?" Bí ìbéèrè yẹn bá wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan, lébẹ́ẹ̀lì àti fọ́tò yín kò yà wọ́n sọ́tọ̀ tó. Bí iye ti ọwọ́ tí ẹ ń tà bá lọ láti 40 sí 25, tí ti ilé iṣẹ́ sì ń gòkè, àwọn oníbàárà yín àtijọ́ ló ń sọ̀kalẹ̀ wá sí ti owó kékeré. Kì í ṣe oníbàárà tuntun lẹ rí. Ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ dúró, kí ẹ mú àwòrán tàbí gígé tó jọra kúrò lára ti ilé iṣẹ́.

Lọ́wọ́ kejì, oníbàárà lè bi yín bí òun ṣe máa dá ti ọwọ́ mọ̀. Ọ̀pọ̀ ní kí wọ́n wo ẹ̀yìn aṣọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kò pé. Àdìrẹ oníko máa ń hàn síwá-sẹ́yìn. Ẹlẹ́kọ, ojú kan ni wọ́n ya ẹ̀kọ sí, nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń dúdú ju iwájú lọ. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ ló máa ń ní ẹ̀yìn tó ṣì funfun ju iwájú lọ. Ẹ kọ èyí sórí páálí kékeré tó bá aṣọ lọ. Ó ń ṣiṣẹ́ ju ìpolówó lọ.

## Ọ̀nà kẹta: orúkọ méjì

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Orúkọ kejì ń fẹ́ ojú ìwé tirẹ̀, fọ́tò tirẹ̀, owó ìpolówó tirẹ̀, ẹni tó ń dá oníbàárà lóhùn, àti ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀. Ẹni tó ń ta 40 lóṣù kò ní ọwọ́ tó lè gbé e. Ìgbà kan ṣoṣo tó bójú mu ni bí ọjà kejì kò bá ní jèrè nǹkan kan lára orúkọ àkọ́kọ́: aṣọ iṣẹ́ fún ilé ìwòsàn, yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé, tíṣẹ́ẹ̀tì fún ẹgbẹ́. Níbẹ̀, orúkọ àdìrẹ yín kò ní ràn wọ́n lọ́wọ́, tiwọn náà kò sì ní ba tiyín jẹ́. Bí ó bá jẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì fún àwọn ènìyàn kan náà ní owó tó kéré sí i, ẹ kàn ń san owó lẹ́ẹ̀mejì lásán ni.

## Ìforúkọsílẹ̀, èyíkéyìí tí ẹ bá yàn

Orúkọ òwò tí ẹ fi sílẹ̀ ní CAC kò dí ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti lẹ orúkọ yín mọ́ aṣọ. Àmì òwò ló ń ṣe èyí, ọ́fíìsì àmì òwò lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìdókòwò ní Àbújá ló sì ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀ka 25 ni ti aṣọ wíwọ̀. Bí ẹ bá tún ń ta àdìrẹ ní yáàdì, ẹ̀ka 24 nìyẹn, wọ́n ó sì gba owó rẹ̀ lọ́tọ̀. Ọdún 7 ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹ ó máa tún un ṣe ní ọdún 14. Ẹ forúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó gbé pátáànì àti lébẹ́ẹ̀lì fún ilé iṣẹ́ kankan, nítorí pé ìgbà tí lébẹ́ẹ̀lì yín bá di 500 nínú páálí ẹlòmíràn ni orúkọ yín bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láìsí yín. Ní ọ̀nà kejì, ẹ forúkọ orúkọ ìyá nìkan sílẹ̀. Ti oríṣi kejì lè dúró títí ẹ ó fi rí i pé ó ń tà.

## Ìdáhùn fún ṣọ́ọ̀bù Lẹ́kí

Bí ó bá jẹ́ èmi ni aṣọ 40 yìí wà lọ́wọ́ mi, tí gígé mi sì wà lára ohun tí wọ́n mọ̀ mí mọ́, ọ̀nà kejì ni mo máa gbà, èsì tí mo máa kọ ránṣẹ́ sí wọn nìyí. Ti ọwọ́ kì í ṣe fún alágbàtà. Orí ojú ìwé wa nìkan la ti ń tà á. Bí wọ́n bá fẹ́, a lè gbé márùn-ún síbẹ̀ kí ó máa fa ojú mọ́ra, ìdá kan nínú mẹ́rin iye rẹ̀ sì ni ti ṣọ́ọ̀bù lórí èyí tó bá tà: ₦26,250 ni yóò padà wá sọ́dọ̀ wa, èrè ₦9,250. Igba ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù tó ní àpò àdìrẹ, a ó kó o fún wọn ní ₦10,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bí wọ́n bá san ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀. Ìyẹn ₦1,400,000, ₦200,000 péré ni tiwa tó máa há síbẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí a kọ́kọ́ kó ọjà wá, kí wọ́n tà á tán kí wọ́n tó sanwó, 60 ni ẹ fún wọn, nínú sáìsì méjì tó wà láàárín nìkan, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ ó padà wá kó èyí tó bá kù sínú ìwé.